Ọ̀gá Fèrè àti Eré Ìdárayá Ọjọ́ Òjò

Mi ò fẹ́ràn ariwo. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi irú ẹni tí mo jẹ́ pamọ́. Ó di ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń kọ́ kíláàsì kẹrin, yàrá tèmi ló sì kángun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n fi páànù bò. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, etí tèmi ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí èmi àti Ọ̀gá Fèrè fi máa ń ṣe gbólóhùn asọ̀ nígbà gbogbo.

Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Fèrè. Òun ni tíṣà eré ìdárayá wa, ọkùnrin gíga tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọdún karùn-ún rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lọ́nà jíjìn, ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. A mọ̀ ọ́n torí pé ọjọ́ Ajé ni Ọ̀gá Fèrè máa ń sọ̀rọ̀ jù. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu rẹ̀, á wá ku "Ẹ káàárọ̀" àti "Ó dàárọ̀" nìkan.

Orí pápá ni ara ti máa ń tù ú. Tí ogójì ọmọ bá yí i ká, tí wọ́n ń na ọwọ́, tí wọ́n ń pè é, "Ọ̀gá, èmi, èmi," ojú rẹ̀ á tàn bíi ti bàbá ọmọ tuntun. Mo máa ń ti fèrèsé mi pa, màá sì máa kùn.

Lọ́dún náà, òjò sọ pápá di ẹrẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò fi tẹ̀ ẹ́. Tí àkókò eré ìdárayá bá tó, inú kíláàsì làwọn ọmọ ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi rúlà lu tábìlì, tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, wá sọ ọ́ nípàdé pé láti ìsinsìnyí lọ, tí òjò bá ti ń rọ̀, ìṣirò ni kí wọ́n máa fi àkókò náà ṣe, kí tíṣà eré ìdárayá sì lọ máa to ìwé ní yàrá ìkówèésí.

Yàrá ìkówèésí wa kò ju àga kan àti eruku lọ. Ẹni tó bá lọ jókòó síbẹ̀ ti lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é títí ilé-ìwé á fi parí. Ọ̀gá Fèrè náà mọ̀. Ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

"Mà, òjò ò ní kí ara ọmọdé má ṣeré o. Mo lè ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti nínú kíláàsì. Ẹ ṣáà fún mi láàyè kí n ṣètò."

"Mo máa wá wò ó lọ́jọ́ Ajé," ni ọ̀gá àgbà wí. "Tí mi ò bá rí nǹkan tó mọ́yán lórí, màá pa á rẹ́ nínú táìmùtébù."

Ẹ ò rí i bí ọkùnrin yìí ṣe ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn agogo ìparí, á gbé okùn jáde, á wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìbú àti ní òró. Ó dúró síbẹ̀ nínú òjò láti wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ omi dé, ó sì fa ìlà pupa síbẹ̀: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, torí pé sìmẹ́ńtì tó tutù ń yọ̀. Ó ní kò ní sí eré sísá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí àwọn òpó. Kí wọ́n máa rìn kánmọ́-kánmọ́, kí wọ́n máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí wọ́n máa lóṣòó kí wọ́n sì máa dìde. Nínú kíláàsì, níbi tí fáànù ti sún mọ́ orí, kò ní sí fífò. Nítorí pé páànù kì í jẹ́ kí ohùn dún tí òjò bá ń rọ̀, tí àwọn kíláàsì yòókù sì ń kàwé, ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó gé páálí méjì, aláwọ̀ ewé fún "ẹ ṣe é", pupa fún "ẹ dúró". Ó tilẹ̀ kọ orúkọ ọmọ tó ní ikọ́ fée sílẹ̀, pé kó máa sinmi nígbà tó bá fẹ́. Nígbà tó délé, ó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló gba ara òun.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kíláàsì karùn-ún jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé onígun mẹ́rin mẹ́tàlélógójì sílẹ̀, ọmọ kan nínú ilé kan. Ó gbé páálí aláwọ̀ ewé sókè. Wọ́n lóṣòó, wọ́n dìde. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ariwo kankan ò sí, kí n má parọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọbìnrin kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn mi nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣẹ̀ nínú wa?"

Ọ̀gá àgbà, tó dúró lẹ́yìn òpó, gbọ́ ọ. Ó ní kí àwọn ọmọ wọlé.

"Ẹ ti rí sí i pé wọn ò ní ṣubú, mo kí yín fún ìyẹn," ló sọ fún un. "Ṣùgbọ́n eré dà ńbẹ̀? Ìyà ni wọ́n rò pé ẹ̀ ń fi jẹ àwọn. Màá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí."

Lẹ́yìn agogo, Ọ̀gá Fèrè wọ kíláàsì mi, ó sì gbé ìwé ètò rẹ̀ síwájú mi.

"Mà, ẹ bá mi wo ibi tó ti wọ́."

Mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tó mọ́ ni, gbogbo ìṣẹ́jú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo tún un ṣí kí n tó rí i.

"Ẹni kan ṣoṣo lẹ ṣe ètò yìí fún," ni mo wí. "Kò síbi tí ọmọ kan ti di ọwọ́ ọmọ kejì mú. Kò síbi tí wọ́n ti ń ju nǹkan síra wọn. Ọmọ mẹ́tàlélógójì, kálukú ń dá ṣe tirẹ̀. Ta ló ń dá ṣeré?"

Ó gbé ìwé náà padà.

"Èmi nìkan ni mo fi dán an wò, Mà," ló wí. "Ṣé ẹ lè bá mi dán ti ẹni méjì wò? Kò ní pẹ́."

Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní àròkọ wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ máàkì. Ó ní kò burú, ó sì jáde.

Lọ́jọ́rú, mo gbójú sókè láti ibi tí mo ti ń máàkì, mo sì rí i láti ojú fèrèsé. Ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó ká apá méjèèjì sẹ́yìn mọ́ ọn, ó ń gbìyànjú láti dìde. Òpó kì í ti ènìyàn padà. Ó yọ̀, ó tún jókòó. Ojú tì mí. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo jáde sí i.

"Ẹ sún síwájú," ni mo wí. "Orúnkún mi ò dáa o, ẹ má dá mi lápá."

A fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn, a kọ́ apá wa mọ́ra. A gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, a ṣubú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bú u. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí n fi ara tì í, òun náà á fi ara tì mí, kí ẹnikẹ́ni má kánjú. A dìde. Kò tètè kúrò níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ènìyàn ti kan tèmi."

Mo ní ká dán òmíràn wò. A jókòó, a ń ju ibọ̀sẹ̀ tí ó ká bíi bọ́ọ̀lù síra wa. A dúró, ó ń ṣe nǹkan, èmi ń ṣe é tẹ̀lé e bíi dígí. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òjò ò rọra rọ̀. Ó kó kíláàsì karùn-ún jáde, méjì-méjì, àwọn mẹ́ta tó kù sì jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Ìdajì wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdajì wà nínú kíláàsì tí wọ́n ti sún tábìlì rẹ̀ sí ògiri, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ kí ó lè máa rí ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pààrọ̀. Àwọn tó fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn ṣubú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde. Ọ̀gá àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó buwọ́ lu ìwé ètò náà níbẹ̀ pé àkókò eré ìdárayá kò ní kúrò, òjò ì báà rọ̀. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń pariwo.

"Mo fẹ́ ṣe ètò tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Mà," ni Ọ̀gá Fèrè sọ fún mi nírọ̀lẹ́. "Tí ẹ bá ráyè lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn agogo."

"Màá ráyè," ni mo wí. Mo sì fẹ́ ráyè lóòótọ́.

Òjò dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Oòrùn yọ, pápá gbẹ, àwọn ọmọ padà síbẹ̀, mo padà sí títi fèrèsé. Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ ọmọ mi dé láti ìrìn-àjò, mo sì sáré délé. Ariwo ilé mi pọ̀ débi pé mi ò rántí nǹkan kan títí mo fi sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì sọ fún mi pé Ọ̀gá Fèrè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá títí òun fi fẹ́ ti géètì. Mo wá a lọ. Orí pápá ni mo ti bá a, ó ń fi okùn wọn ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọmọ ọmọ mi, ìrìn-àjò, oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò sí wàhálà, Mà," ló wí. "Mo ti dá a dán wò."

Ó na ìwé ètò náà sí mi kí n rí i. Mo kà á níbi tí mo dúró sí. Ìlà mẹ́jọ ló kọ fún ètò tuntun náà, kò sì sí ọ̀kan tí ẹni méjì kò sí nínú rẹ̀.