Ọwọ́ Bàbá Awódélé

Nọ́ọ̀sì Fàòsíyà ló ń bẹ ọwọ́ gbogbo àwa òṣìṣẹ́ wò ní ọsibítù wa ní Ifẹ̀. Á dúró sí wọ́ọ̀dù kan, á máa wo ìgbà tó yẹ ká fọwọ́, á sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ bóyá a fọ̀ ọ́ tàbí a ò fọ̀ ọ́. Tí oṣù bá parí, fóònù á ṣírò iye ìgbà tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fọwọ́ nínú ọgọ́rùn-ún.

Lóṣù tó kọjá, wọ́ọ̀dù tèmi ló gbẹ́yìn. Inú bí mi gidi! Fàòsíyà ṣí èsì náà hàn mí: à ń fọwọ́ ká tó kan aláìsàn, ṣùgbọ́n tá a bá kàn án tán, a kì í fọ̀ ọ́.

Mo ní, "Bàbá Awódélé, aláìsàn wa, á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, kí n wá fọ ọwọ́ lójú wọn bí ẹni tó ń kórìíra wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ta sánítáísà sọ́wọ́ tiwọn náà. Kí ẹ jọ máa fi ra ọwọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ń na ọwọ́ fún sánítáísà kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Láàárọ̀ òní, èsì tuntun jáde. Àwa la ṣáájú! Mo pariwo, mo sáré wọ wọ́ọ̀dù, mo gbá Bàbá lọ́wọ́ mú.

Bàbá fa ọwọ́ wọn yọ. "Ọmọ mi, ṣé o fọwọ́?"

Mo gbójú sókè. Fàòsíyà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti tẹ fóònù.