Òjìji Abẹ́ Ojú Ràṣídátù

Láti Àpòmù títí dé Ìkirè, kò sí onífọ́tò tó tó Titus Olúgbémi. Bí ó bá ya ewúrẹ́ tó ń ṣàárẹ̀ ní fọ́tò lónìí, ewúrẹ́ náà á dìde jẹko lọ́la. Ẹ má bi mí pé ta ló rí i. Èmi, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kan ara, ni mo rí i.

Lọ́dún 1961 tí mò ń wí yìí, Titus kò ní iná mànàmáná. Oòrùn ló fi ń tẹ fọ́tò. Ó lu ihò kan sí ògiri yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó gbé dígí síta láti da oòrùn sínú ihò náà. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú fíìmù kọjá, á wá bọ́ sórí bébà níwájú ògiri kejì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Ràṣídátù tó ń dín dòdò tà ní Ìkirè dé, òun àti Ìyá Tàjú, ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Tàjùdíìnì, wà ní Kùmásí. Aṣòfófó kan ti sọ fún un pé dòdò dídín ti fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀. Ó bá kọ̀wé: kí wọ́n fi fọ́tò ìyàwó òun ránṣẹ́, bí ojú rẹ̀ bá jọ ojú ẹni tí ìyà ń jẹ, kí ó pa ààrò rẹ̀, kí ó máa bọ̀ ní Kùmásí.

“Ẹ̀gbọ́n Títù, ẹ gbà mí,” ni Ràṣídátù wí. “Láti Gbọ̀ngán ni wọ́n ti ń wá ra dòdò mi. Mi ò fẹ́ pa ààrò.”

Ara rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà ni, òun fúnra rẹ̀ kò sì sùn fún òru mẹ́ta. Àlàbá tí yóò mú fọ́tò lọ sí Kùmásí yóò sì gbéra lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ náà gan-an.

Oòrùn ti wà ní àtàrí kí Titus tó yà á tán. Ó fọ fíìmù, ó tẹ fọ́tò kan. Yéè! Abẹ́ ojú méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Kùmásí ti pè mí nìyí,” ni Ràṣídátù wí.

“Oòrùn ọ̀sán ló parọ́ mọ́ ọ,” ni Titus dáhùn. “Lórí fíìmù, ibi tó dúdú ló máa ń mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ á wá pọ̀ jù níbẹ̀, bébà á dúdú. Màá dí i díẹ̀.”

Ó gé páálí wẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó tó ẹ̀wà, ó so wọ́n mọ́ wáyà tín-ín-rín. Mo bá a gbé fìtílà tí a fi aṣọ pupa bò. Ó fi páálí náà dí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ojú, ó ka oókan dé ogún. Ṣùgbọ́n ó gbé e dúró gbagidi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Nígbà tí fọ́tò jáde nínú omi oògùn, abẹ́ ojú funfun báláú.

Ìyá Tàjú na fọ́tò sínú oòrùn. “Ta ni òwìwí yìí? Ìyàwó mi dà?”

“Ìyá, èmi ni!”

“Ìwọ kọ́! Ọmọ mi á ní a fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ.”

Bébà kan ṣoṣo ló kù. Àwọsánmà sì ń ṣú bọ̀ láti Wásinmi. Titus dí ihò, ó dúró. Nígbà tí oòrùn yọ, ó ṣí ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogún lẹ́ẹ̀kan sí i. Márùn-ún péré nínú ogún náà ló fi páálí dí abẹ́ ojú, ó sì ń mì ín tìì-tìì kí etí páálí náà má baà hàn. Lẹ́yìn náà, ó mú páálí mìíràn tó ní ihò láàárín, ó fi da ìmọ́lẹ̀ sí i, fún kíkà mẹ́fà, sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí tí òógùn ń dán, kí wọ́n lè dúdú sí i, kí wọ́n sì bá abẹ́ ojú dọ́gba.

Fọ́tò yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Òjìji náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó rọ̀ bí àṣálẹ́ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ràṣídátù ni, ẹni tó ṣiṣẹ́, tó sì sinmi.

“Háà! Ìyàwó mi rèé o!” Ìyá Tàjú fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ kan àjà. Ó dá mi lójú, èmi ni mo fi omi tútù ra ibi tó wú fún un.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Àlàbá gbé ìdáhùn dé. Tàjùdíìnì ní kí ìyàwó òun máa dín dòdò rẹ̀ lọ, ojú tó dùn tó báyìí kò lè wá láti inú ìyà. Ó sì fi agbada irin ńlá kan ránṣẹ́, tó fẹ̀ débi pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kaná, Titus ló jẹ dòdò àkọ́dín, mo sì bá a jẹ ìyókù.