Ìlà Tó Ń Ta Ọṣẹ Màámi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń yin ọjà ara rẹ̀, ẹ wá jókòó ti Màámi fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Kí ẹ tó dáhùn ìkíni rẹ̀ tán, ó ti bá ọ̀rọ̀ dé orí ọṣẹ. "Ọṣẹ mi yìí, bí ẹ bá fi wẹ̀, ọkọ yín ò ní dá yín mọ̀ mọ́." Mo máa ń sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni ìyàwó ilé ń wá. Á ní kí n panu mọ́, ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tajà?

Àmọ́ tó bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn tó ti ń ṣiṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀. Á ṣí fèrèsé sílẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, á fi awò bojú. Kọ́sítíìkì sódà ló máa ń rọra dà sínú omi, kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, torí ó lè ru gùdù kó sì ta síni lára. Láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, omi náà á gbóná, á máa rú èéfín. Tó bá tutù díẹ̀, á dà á sínú òrí àti òróró àgbọn tó ti yọ́, á máa rò ó, á máa rò ó, títí á fi ki, tí ipa igi tó fi ń rò ó á máa hàn lójú rẹ̀. Ó di inú àpótí onígi. Lọ́jọ́ kejì á gé e, á tò ó sórí pẹpẹ, ó sì lè ju oṣù kan lọ kó tó gbẹ dáadáa. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń wò ó, ẹnu ò sì yéé yà mí. Omi tó lè bó èèyàn lára, àti òróró tí kò lè fọ abọ́ lásán, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á di ohun tí a fi ń wẹ ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé, orí mi ṣì máa ń wú.

Tìtorí mi gan-an ni ọṣẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, èélá bò mí lára, mo máa ń họ ọ́ títí á fi ṣẹ̀jẹ̀. Ọṣẹ orí àtẹ ń ta mí, ni Màámi bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ara mi yá. Látìgbà náà mo di pátákó ìpolówó. Bí oníbàárà bá dé, á fà mí jáde, á ká apá aṣọ mi sókè. "Ẹ wo awọ ara! Ọṣẹ ló ṣe é o." Ojú máa ń tì mí, àmọ́ inú mi máa ń dùn pẹ̀lú. Ta ni kò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ìyanu?

Lọ́dún tó kọjá, mo gba àyè fún ọṣẹ náà nínú ilé ìtajà orí ẹ̀rọ ayélujára kan. Èèyàn á ya àwòrán ọjà, á kọ orúkọ rẹ̀, bó ṣe wúwo tó àti ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á júwe rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọwọ́ ni a fi ṣe é, pé ó ń hó, pé kò ní òórùn dídùn àtọwọ́dá. Màámi fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó kà á tán.

"Èélá ńkọ́?"

"Màámi, wọn ò gbà ká pe ọṣẹ ní oògùn níbẹ̀."

"Ṣé irọ́ ni? Ìwọ kọ́ nìyí?"

Mo kọ ọ́: *Ó ń wo èélá sàn pátápátá. Ọmọ mi ni ẹ̀rí.* Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè nínú ilé ìtajà náà. Ìlà yẹn ló sì ń ta ọjà, torí òun ni gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé sí wa máa ń mẹ́nu bà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń gé ọṣẹ lọ́wọ́, fóònù mi dún. Ìyá ọmọ kan ló kọ̀wé. Mo kà á sókè fún Màámi:

"Ẹ káàsán mà. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan, ó ní èélá. Ìpara tí dókítà fún wa ń bà mí lẹ́rù, wọ́n ní ó le. Mo rí i pé ọṣẹ yín ń wò ó sàn pátápátá, mo sì ti dá ìpara náà dúró. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti ń ṣomi báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tètè fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí mi."

Mo rò pé Màámi máa pàtẹ́wọ́ ni. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Pè é. Ṣí ohùn rẹ̀ síta."

Obìnrin náà gbé e lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni mo ń ṣe ọṣẹ tí o fẹ́ rà," Màámi wí.

"Háà, ẹ ṣeun mà! Mo ti ń retí—"

"Má rà á."

"Mà?"

"Ọṣẹ lásán ni."

Mo yíjú wò ó. Láyé mi, mi ò gbọ́ kí Màámi so "ọṣẹ" pọ̀ mọ́ "lásán" rí.

"Ṣebí ẹ kọ ọ́ pé ó wo ọmọ yín sàn mà."

"Mo kọ ọ́. Gbọ́ mi, ọmọ mi. Nígbà tí mò ń fi ọṣẹ yẹn wẹ ọmọ mi, dókítà ti fún èmi náà ní ìpara. Mò ń fi pa á láàárọ̀, mò ń fi pa á lálẹ́. Ìpara ló wò ó ni o, ọṣẹ ni o, àbí ọmọ náà kàn dàgbà kúrò níbẹ̀, mi ò mọ̀. Títí dòní mi ò mọ̀. Èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ ni mo kàn mú, tí mò ń sọ kiri."

Ìpara wo? Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ìpara fún mi rí. Inú bí mi, ká má purọ́. Àmọ́ ìbínú náà ò tíì fìdí balẹ̀ tí nǹkan mìíràn fi lé e dìde. Mo ti rí àwọn tó fi owó tọrẹ, tó fi aṣọ tọrẹ. Màámi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó ń fi ìtàn ayé rẹ̀ tọrẹ fún ọmọ tí kò rí rí.

"Ara tó ń ṣomi yẹn, gbé e lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí."

"Ẹ̀rù ń bà mí mà. Wọ́n á bú mi pé mo dá ìpara dúró."

"Sọ fún wọn pé ìyá arúgbó kan ló tàn ẹ́ jẹ."

"Mà, ẹ ò tàn mí—"

"Mo tàn ẹ́. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ sí ọ lọ́wọ́. Wá bàtà rẹ. Ṣé o ti rí i?"

A gbọ́ kọ́kọ́rọ́. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tí igbe ọmọ sì bọ́ sí ìta.

Màámi na ọwọ́ sí fóònù. Ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ han òun, kò jẹ́ kí n bá òun pa á. Ó ń pa ìlà èélá náà rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́ sí àyè rẹ̀: *Ọṣẹ ni, kì í ṣe oògùn. Bí ara bá ní àrùn, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dá oògùn yín dúró nítorí ọṣẹ wa.*

"Màámi, ọjà ò ní yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o."

"Mo mọ̀. Fi síta."

Ó kọ̀ kò gé ọṣẹ mọ́. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń bi mí bóyá fóònù ti dún. Nígbà tó dún, ìyá ọmọ náà ni: "A ti rí dókítà mà. Ó ní kòkòrò àrùn ti ń wọ ojú egbò náà, pé ó dáa tí a tètè dé. Wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀."

Mo kà á sókè. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọṣẹ tí a ò tíì gé, ó fi ìborùn bojú, ó bú sẹ́kún. "Wọ́n ti débẹ̀," ló ń wí ṣáá. "Wọ́n ti débẹ̀."