Ẹ̀pà Tí Mo Gbé Lọ Sí Ọ̀yọ́

Bí ọ̀rọ̀ mi bá rí wúruwùru lójú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju nọ́ńbà lórí káàdì lọ. Ẹnu mi pàápàá kì í yá láàárín èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ dípò kí n máa sọ ọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá tí wọ́n ń kó káàdì aláìsàn sí ni mo ń gbá. Èmi ni mo ń gbé káàdì fún nọ́ọ̀sì, èmi náà ni mo ń po tíì. Kọ̀mpútà kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn àfi Àǹtí, akọ̀wé wa. Ó ti ju ọdún kan lọ tí Àǹtí ti ń tẹ orúkọ àwọn aláìsàn sínú rẹ̀, tí ìka rẹ̀ fi ń dùn ún. Inú dísìkì, àpótí irin kékeré kan tó wà nínú kọ̀mpútà náà, ni gbogbo làálàá yẹn wà.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí máa ń ṣe àyẹ̀wò dísìkì náà. Ètò kan wà tó máa ń ka gbogbo ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí kò bá ṣeé kà, ètò náà á sàmì sí i pé ó ti bàjẹ́, kí wọ́n má baà kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ ìwé kan jáde tó sọ bí dísìkì ṣe tóbi tó, bó ṣe kún tó, àti ìwọ̀n ibi tó ti bàjẹ́. Àǹtí á fi báírò pupa kọ déètì sórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, èmi ni mo ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn wa tó wà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ níbẹ̀ á tẹ òǹtẹ̀ "A ti rí i" mọ́ ọn láìwò ó, á dá a padà fún mi, Àǹtí á sì ní kí n lọ dà á nù.

N kò dà á nù. Ìwé náà funfun, ó nípọn, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì. Ìyá mi ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́bàá Ọjà Igbó, ìwé náà sì dára fún dídì. Òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú nǹkan kúrò ní yàrá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ píìnì. Mo mọ òfin náà dáadáa. Mo kàn ń ká ìwé náà sábẹ́ ìró mi ni.

Bí mo bá ń gé e fún ìyá mi, mo máa ń wo ìlà ibi tó ti bàjẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ó jẹ́ 4096. Ọ̀sẹ̀ kejì, 4096 náà ni. Lẹ́yìn náà ó di 8192, ó di 14336, nígbà tó yá ó di 20480. Dísìkì náà pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni ń jẹ egungun. Mo rí i, n kò sì sọ. Ta ni yóò gbọ́ ti ẹni tó ń po tíì?

Ìgbà náà ni ẹnjiníà tuntun dé sí Ọ̀yọ́, ó sì bá dísìkì tuntun kan ṣoṣo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ranṣẹ́ pé kí Àǹtí wá, kí òun lè mọ èyí tó yẹ kó gbà á nínú kọ̀mpútà tiwa àti ti Ọ̀yọ́. Àǹtí ní kí n bá òun gbé fáìlì. Mo gbé fáìlì, mo sì gbé àpò ẹ̀pà kan.

Ọ̀gá ti jókòó dè wá. Ìwé méjì wà níwájú ẹnjiníà. Tiwa ti ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ 26624. Tiwọn jẹ́ 61440.

"Ẹ ti rí i," ni Ọ̀gá wí. "Tiwa lọ́po méjì tiyín. Èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ máa lọ jẹun, kí ẹ máa lọ sílé."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Àǹtí wí, "tiwa ń dún."

"Tiwa náà ń dún. Ó ń dún ju tiyín lọ."

Ẹnjiníà béèrè pé, "Ọ̀gá, mélòó ni tiyín lóṣù tó kọjá?"

Ọ̀gá fi ìgbéraga ṣí fáìlì rẹ̀. Gbogbo ìwé wọn ló wà níbẹ̀, 61440 ni gbogbo wọn. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ló ti ń ṣàìsàn," ni ó wí.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe àìsàn, sà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àwọn ibi tí kò dára wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, wọ́n sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Èyí tí kò bá pọ̀ sí i kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Èyí tó bá ń pọ̀ ló ń kú lọ." Ó yíjú sí Àǹtí. "Àǹtí, tiyín ńkọ́? Àwọn ìwé ti tẹ́lẹ̀ dà?"

Àǹtí wo ilẹ̀. "Mo ní kí wọ́n dà wọ́n nù."

"Bí n kò bá rí wọn, n kò lè mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká dúró di oṣù tó ń bọ̀."

Ojú Àǹtí dàbí ti ẹni tí wọ́n ní kó tún ọdún kan tẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, olè ni mí. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, dísìkì náà kò ní pẹ́ tó oṣù kan.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ ẹ̀pà."

Mo fún Ọ̀gá ní ìdì kan. Mo to mẹ́rin síwájú ẹnjiníà, ti ìgbà tó pẹ́ jù lápá òsì, èyí tó sún mọ́ jù lápá ọ̀tún. Mo padà sí ìdí ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá kò wo nǹkan kan. Ó ń jẹ, ó ń kó èèpo sínú ìwé tirẹ̀. Ẹnjiníà ń jẹ díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí ihò etí ìwé. Ó tú ìdì àkọ́kọ́ pátápátá. Ó tú ìkejì àti méjì tó kù. Ó na ọwọ́, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé ẹ̀pà yín."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀pà mi."

"Ìwé náà ni mo ń fẹ́, sà."

Ó fi ọwọ́ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ lórí tábìlì. 4096. 4096. 8192. 14336. Ti ọwọ́ Ọ̀gá ni 20480, èèpo ẹ̀pà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Àǹtí, ìwé yín ni. Báírò pupa yín rèé." Ó tẹ̀ síwájú. "Ọ̀gá, òǹtẹ̀ yín ló wà lórí gbogbo wọn. 'A ti rí i.' Kí lẹ rí?"

Ọ̀gá jẹ ẹ̀pà tó kù lẹ́nu tán. "Mo rí ìwé," ni ó wí.

Kò sí ẹni tó béèrè bí ìwé ilé ìwòsàn ṣe di ìdì ẹ̀pà. Ọ̀gá kò fẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀. Àǹtí nìkan ló wò mí títí, ó sì gbójú kúrò. Ẹnjiníà gbé dísìkì tuntun sínú àpò rẹ̀, ó bá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó kọ́kọ́ da orúkọ àwọn aláìsàn kọ sórí àwọn dísìkì pẹlẹbẹ, kó tó yọ àpótí irin náà, tó sì fi tuntun sípò rẹ̀. Àwọn ibì kan kò fẹ́ ṣeé kà, ó ní láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ewé méjì péré ni Àǹtí yóò tún tẹ̀ láti inú káàdì. Kí ẹnjiníà tó lọ, ó ṣe àyẹ̀wò tuntun náà. Ibi tó bàjẹ́ jẹ́ 2048, ó bá èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ mu. Ó ní, "Kí ó wà bẹ́ẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo tú gbogbo ẹ̀pà tó wà nínú agbọ̀n ìyá mi, mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ dì wọ́n. Mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ àwọn ìwé àyẹ̀wò náà. Òróró ẹ̀pà mú kí wọ́n dán. Mo tò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sínú fáìlì kan, mo fi pẹ́ńsù kọ 2048 sí ẹ̀yìn fáìlì náà, mo sì fi í sínú dúróò Àǹtí kí ó tó dé.