Ta Ló Bó Ojú Bàbá?

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni Màmá Ìbejì wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èrúwà. Ó fẹ́ ká bá òun ṣe pósítà ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kan ní Lánlátẹ̀ tó fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Ó fi fọ́tò bàbá ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá méjèèjì. Kí n má purọ́, inú mi dùn gan-an. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní Poli, káàdì ìkésíni àti rìsíìtì ni wọ́n ń fún mi ṣe. Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ nìyí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má bà á jẹ́.

Àwọ̀ méjì péré ni Màmá Ìbejì fẹ́, aró àti yẹ́lò. Gradient map, irinṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń pààrọ̀ àwọ̀ fọ́tò, ni mo lò. Kì í wo àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò rárá, bí ibì kan ṣe ṣú tàbí bó ṣe mọ́lẹ̀ tó ló ń wò. Ibi tó ṣú jù á gba àwọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun òsì ọ̀pá àwọ̀ rẹ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ jù á gba ti ọ̀tún, ibi tó wà láàárín á sì gba àdàlù méjèèjì. Mo fi aró sí òsì, mo fi yẹ́lò sí ọ̀tún, wọ́n jìnnà síra. Gbogbo ilà bàbá yọ kedere. Mo tẹjú mọ́ ọn títí omi fi fẹ́ bọ́ lójú mi, bóyá torí pé bàbá tó bí bàbá mi náà kọ irú ilà yẹn, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé wa.

Ọ̀gá mi yọjú láti ẹ̀yìn. "Gírájúéètì, kí ló rọ̀ báyìí? Ó yẹ kí pósítà pariwo!"

Ó gba máòsì lọ́wọ́ mi, ó fa aró àti yẹ́lò súnmọ́ra títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Apá kan ojú bàbá di aró gbuurugbu, ìyókù di yẹ́lò. Ilà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣú ju awọ tó yí i ká lọ. Nígbà tí kò sí àwọ̀ àárín mọ́, ilà àti awọ jọ bọ́ sí apá kan náà. Àbàjà lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a ò rí ilà bàbá mọ́."

"Ṣebí ó sàn bẹ́ẹ̀? Ta ló ń fi ilà ṣe fáàrí lóde òní? Mo sọ bàbá dọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ń ráhùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ ẹ̀dà ńlá kan jáde. Inú bí mi débi tí etí mi ń hó.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ìbejì mú bàbá wá. Bàbá wo pósítà, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Ta lẹ bó báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá," ni ọ̀gá mi wí.

"Èmi kẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń bó ẹ̀gẹ́, n kò mọ̀ pé wọ́n ń bó ojú èèyàn."

Màmá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ilà yìí ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ilé wa. Bí ẹ bá gbé èyí kọ́, àwọn ẹbí mi á ní ta là ń bá ṣọjọ́ ìbí."

Ọ̀gá mi nàka sí mi lójú gbogbo wọn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ yìí ló bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ìwé wọ̀nyí, wọn kì í gbọ́ràn."

Èmi! Mo kàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo fa aró padà sí òsì, mo fa yẹ́lò padà sí ọ̀tún. Kò sóhun tó ṣe fọ́tò náà, torí orí rẹ̀ ni gradient map wà bí aṣọ fẹ́lẹ́, kò jẹ wọ inú rẹ̀. Ilà náà yọ padà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá wí. "Mo ti dé."

Èyí la tẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbé e lọ.

Ì bá dára ká ní ó parí síbẹ̀! Nígbà tí mo débi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ojú bàbá tí wọ́n bó ni mo bá lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá mi fi ń polówó ọjà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí n máa ṣe ti gbogbo àgbà tó bá kọlà. "Bó ò bá lè ṣe é, wábi gbà."

Màmá Ìbejì máa ń gba iwájú wa kọjá, ó máa rí i lọ́jọ́ kan. Èmi náà ni yóò rò pé ó ṣe é. Iṣẹ́ kò sì pọ̀ nílùú yìí fún irú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ rò pé kí n ṣe? Ṣé kí n já pósítà náà kí n sì fara mọ́ ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àbí kí n kọ́kọ́ lọ sí Lánlátẹ̀ lọ sọ òótọ́ fún bàbá?