Ìdúpẹ́ Lọ́wọ́ Ta, Ìdúpẹ́ fún Kí Ni?

Ọ̀gbẹ́ni Fẹ̀hìntọlá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bírò pupa rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Itamaga ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa yẹ ìwé àwọn oníbàárà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń bí i nínú jù ni "A dúpẹ́ fún Ọlọ́run." Á ní, "Ṣé wọ́n fi Ọlọ́run ta yín lọ́rẹ ni? Ẹni tó fúnni ní nǹkan là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan tó fúnni là ń dúpẹ́ fún!"

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan, Lateefat, gbé káàdì fìdáù ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo dúpẹ́ fún Màámi." Baba ò tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan. Ó fagi lé "fún", ó kọ "lọ́wọ́" sórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà."

"Kí n dá kí ni padà? Ṣé ìyá ẹ kọ́ ló tọ́ ẹ ni?"

"Òun ni, sà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí mi. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Ọlọ́hun ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sà. Màámi ló fi ta mí lọ́rẹ."

Baba fagi lé "lọ́wọ́", ó sì fi bírò pupa kan náà kọ "fún" padà, gàdàgbà.