Òpó Tí Ó Ní Kí N Yọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé mi lórí níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ṣe kẹ́yìn ti di ẹni ńlá báyìí. Mo gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní òótọ́ ṣíṣe lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ìwòsàn ni, ó ní ẹ̀ka ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Àtẹ kan ṣoṣo ló gba orúkọ gbogbo aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà. Òpó kan, ìyẹn ìlà òòró kan, wà nínú rẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ oògùn tí ara aláìsàn kò gbà sí. Òpó náà kúrú. Bí oògùn bá di méjì, èkejì kò ráyè wọlé. A ní láti fi òpó gígùn rọ́pò rẹ̀ láìsọ ìkìlọ̀ kankan nù. Ẹni tó dákú kò lè sọ abẹ́rẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ gbà.

“Mummy, ẹ jẹ́ ká pa gbogbo kọ̀ǹpútà ní Sátidé, ká ṣe é tán,” ni ọ̀gá mi yìí wí.

“Kẹ́ ẹ wá sọ fáwọn tó ń rọbí pé kí wọ́n dúró de Mọ́ńdè?”

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo fi òpó tuntun kún àtẹ náà ní òfìfo, mo sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. A tún ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ṣe, kí ohun tí wọ́n bá kọ máa wọ òpó méjèèjì. Wọn yóò ṣì máa kọ ọ́ ní kúkúrú títí a ó fi parí. Mo gbé ètò tuntun náà lọ sí Mowé àti Ìbàfò. Ọ̀gá ní òun máa gbé e dé Ìfọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti débẹ̀.

Mo wá ń da ọ̀rọ̀ òpó àtijọ́ kọ sínú tuntun díẹ̀díẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ibi tó ṣófo nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí, kí ọ̀rọ̀ àná má bo tòní mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe parí, ó ní kí n yọ òpó àtijọ́ kíá.

“Mo fẹ́ kọ́kọ́ fi méjèèjì wéra, ọ̀gá.”

“Ìṣòro ẹ̀yin àgbà nìyẹn, Mummy. Ẹ̀rù!”

Mo fi wọ́n wéra. Àwọn ìkìlọ̀ kan wà nínú ti àtijọ́ tí kò sí nínú tuntun. Ti Ìfọ̀ ni gbogbo wọn, àwọn tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí mo ti da tibẹ̀ kọ tán. Mo pe olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀.

“Ta ló wá tún kọ̀ǹpútà yín ṣe?”

“Tún un ṣe báwo, Mà? A ò rí ẹnikẹ́ni o.”

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀ fúnra mi, mo fi ètò tuntun síbẹ̀, mo da èyí tó kù kọ, mo tún fi wọ́n wéra títí wọ́n fi bára mu. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó tuntun, tí mo sì yọ ti àtijọ́. Kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ ọjọ́ tí mo yọ ọ́.

Ní ìpàdé, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ó tẹrí ba.

“Ọlọ́run ló ṣe é,” ló wí.

“Ọlọ́run dé Ìfọ̀,” ni mo sọ. “Ẹ̀yin ò débẹ̀.”

Nígbà tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi parí, wọn kò sọ ọ́ dọ̀tun mọ́.